Ibi Tí Agbára Ọ̀bẹ Mọ Lára Tòmátì Tó Ti Rọ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí wọ́n ń tà lọ́jà Ore, òkè Ọya ló ti ń wá: Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Jọ́ọ̀sì. Oko tó wà ní agbègbè Odigbo ń mú díẹ̀ wá, àmọ́ kò tó ìlú jẹ. Ọkọ̀ tó gbéra láti Kánò á ti rin ohun tó lé ní 800 kìlómítà kó tó já sí oríta tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ni tòmátì náà wà, apẹ̀rẹ̀ sì gorí apẹ̀rẹ̀. Kò sí kòtò tí táyà bọ́ sí lójú ọ̀nà tí èyí tó wà nísàlẹ̀ kò jìyà rẹ̀. Ẹnu imọ̀ tó mú ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù òkè ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ooru tó wà láàárín apẹ̀rẹ̀ kò sì ríbi gbà jáde.

Bí oníṣòwò bá tú ẹrù náà sílẹ̀, ṣíṣà ló kàn. Èyí tó le tí awọ rẹ̀ ń dán á lọ sápá kan. Èyí tó ti rọ̀ díẹ̀ àmọ́ tí awọ rẹ̀ kò tíì bẹ́ á wà lọ́tọ̀. Àṣàkù, ìyẹn èyí tó ti bẹ́, tó ń ro omi, tí eṣinṣin ti ń bà lé, á wà nínú abọ́ nísàlẹ̀ tábìlì, wọ́n á sì máa tà á ní owó pọ́ọ́kú. Kò sí ẹni tó lè dá oníbàárà tó lọ bá àṣàkù lẹ́bi. Láàárín ọdún 2024, apẹ̀rẹ̀ ńlá kan kọjá 100,000 náírà láwọn ọjà kan nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé tó sì ń ra èyí tó le tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ wo abọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni èyí tí òun lè gé kí òun sì jẹ ìyókù, àti èyí tí gígé kò lè tún ṣe.

Bí ojú tó bàjẹ́ ṣe tóbi tó ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dájọ́. Bó bá kéré, wọ́n á gé e. Bó bá tóbi, wọ́n á jù ú nù. Òṣùwọ̀n yẹn kì í sọ òótọ́. Ohun méjì ló yẹ kí èèyàn wò: ohun tó fa rírọ̀ náà, àti bóyá ara èso náà le tàbí omi ń ṣàn káàkiri inú rẹ̀. Tòmátì tí ìlàjì rẹ̀ ti rọ̀ nítorí pé ẹrù tẹ̀ ẹ́ lánàá lè dára fún ọbẹ̀ ju èyí tí ojú kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lára rẹ̀ kò ju èékánná lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti fífarapa ná. Ara tòmátì, ata àti máńgòrò kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì, àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí omi èso wà nínú wọn. Nígbà tí èso bá já bọ́ tàbí tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, àwọn àpò wọ̀nyí á bẹ́ lábẹ́ awọ, omi inú wọn á dà pọ̀, ojú ibẹ̀ á sì rọ̀. Lára máńgòrò, afẹ́fẹ́ tó bá kan omi náà á sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Lára tòmátì, awọ ibẹ̀ á hunjọ, omi tó yí kóró ká á sì di rúdurùdu. Kò sí májèlé kankan nínú èyí. Èso náà ṣì ni, ó kàn ti fọ́ nínú ni. Bí awọ rẹ̀ kò bá bẹ́, tí kò sì rùn, gígé ojú ibẹ̀ tó, ẹni tó bá sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kò ṣe ohun tó burú.

Àkókò ni kò dúró de irú èso bẹ́ẹ̀. Omi tó ti dà sílẹ̀ lábẹ́ awọ jẹ́ oúnjẹ fún gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó bá ráyè wọlé, ihò tí ẹnu imọ̀ gún sì ti tó wọn láti gbà. Tòmátì tó farapa láàárọ̀ Ajé lè jẹ́ tòmátì tó jẹrà nírọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun.

Jíjẹrà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló ń gbà. Oríṣi bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé ohun tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra ló ń yọ́. Pẹ́kítìnì ni wọ́n ń pe ohun náà, òun kan náà ló ń mú kí jáàmù dì. Bí pẹ́kítìnì bá ti yọ́ tán, kò sí ohun tó ń mú ara èso dúró mọ́, á wá di yíyọ̀ bí ilá tí wọ́n ti sè, omi á máa jáde lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ooru tó wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló dùn mọ́ irú bakitéríà yìí jù, ó sì tún fẹ́ràn ọ̀rinrin. Ilẹ̀ igbó ni Ore àti Odigbo, òjò pọ̀ níbẹ̀, ooru rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ìwọ̀n yẹn tọ̀sán-tòru. Èyí ló fà á tí ohun tí ará Jọ́ọ̀sì lè fi sílẹ̀ di ọ̀túnla kì í fi í dúró di ọ̀la níhìn-ín.

Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ méjèèjì kò ṣòro. Kí èèyàn fi ìka tẹ ibi tó rọ̀ náà jẹ́jẹ́. Ibi tó farapa á wọlé díẹ̀, àmọ́ awọ rẹ̀ á ṣì gbá ìka dúró, ìka á sì gbẹ bó bá gbé e kúrò. Ibi tó ń jẹrà á gba ìka wọlé láìjà, awọ á yọ̀ kúrò lórí ara, omi á sì bá ìka jáde. Lẹ́yìn náà ni kó gbé e sí imú, níbi ìdí tí igi ti já kúrò, torí ibẹ̀ ni òórùn ti ń kọ́kọ́ jáde. Òórùn kíkan, òórùn bí ọtí, òórùn ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó yà á sọ́tọ̀ nínú abọ́ gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì. Ojú tó farapa kì í sáré fẹ̀. Èyí tó ń jẹrà á ti fẹ̀ kọjá ibi tó wà lánàá.

Ìkẹta tún wà, òun ló sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù: bíbu. Ohun tó ń mú oúnjẹ bu jẹ́ ìbátan olú. Nígbà mìíràn á hù bí irun funfun tó ní orí dúdú tíńtín. Èyí ni ó máa ń so tòmátì márùn-ún, mẹ́fà pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ títí wọn á fi di òkìtì kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn á jẹ́ ojú dúdú tó wọlé díẹ̀, tó rí bí àrán, tó sábà máa ń wà létí ìdí tòmátì tàbí lójú ibi tó là. Ohun tí ojú rí lókè kò tó ìlàjì rẹ̀. Ó ní okùn wínníwínní tó ń rìn wọ inú èso lọ, bí gbòǹgbò ṣe ń rìn nínú ilẹ̀. Àwọn oríṣi kan nínú wọn sì máa ń pèsè oró tó lè ba inú ara èèyàn jẹ́ bí ó bá pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Oró náà kì í ṣe ohun alààyè tí iná lè pa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì máa ń wà lẹ́yìn tí ọbẹ̀ bá ti hó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ líle àti omi ti wọlé nìyí. Ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní ìmọ̀ràn kan tí wọ́n ti ń fún àwọn ará ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ibi kékeré bá bu lára ohun tí ara rẹ̀ le, bíi kárọ́ọ̀tì, kábéèjì tàbí ata ńlá aláwọ̀ ewé, kí wọ́n gé e dànù pẹ̀lú ohun tó fẹ̀ tó íǹṣì kan yí i ká àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀bẹ má sì kan ibi tó bu náà rárá. Íǹṣì kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀, kò jìnnà sí fífẹ̀ àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ní ti ohun tí ara rẹ̀ rọ̀, wọ́n dárúkọ tòmátì gan-an: bó bá ti bu, kí wọ́n ju gbogbo rẹ̀ nù. Ìdí ni pé okùn olú kì í tètè ráyè nínú ara líle. Nínú tòmátì, tí ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi, tí omi náà sì ń ṣàn nínú àwọn yàrá tí kóró wà, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Oró tó wà lápá kan lè bá omi dé apá kejì.

Ọgbọ́n yìí bá tàtàṣé mu. Tàtàṣé tó nípọn, tó le, tí ojú kan bàjẹ́ lára rẹ̀, ṣeé gé ní fífẹ̀ àtàǹpàkò. Àmọ́ kí wọ́n là á kí wọ́n wo inú rẹ̀ kó tó wọ ọbẹ̀, torí ìdí ata, níbi tí igi rẹ̀ ti wọlé, ni ìbàjẹ́ sábà máa ń gbà wọ inú ihò rẹ̀. Ata kan lè máa dán lóde kí kóró rẹ̀ ti dúdú, kí irun funfun sì ti bo àárín. Èyí kì í ṣe ti ọ̀bẹ mọ́.

Ata rodo ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Àwọn tó ń se oúnjẹ máa ń já ìlàjì rodo tó bàjẹ́, wọ́n á sì ju ìlàjì kejì sínú ata lílọ̀, wọ́n gbà pé ata ni ata. Ṣùgbọ́n ara rodo kò nípọn ju èékánná lọ, inú rẹ̀ sì jẹ́ ihò. Bí èèyàn bá fẹ́ fi àlàfo àtàǹpàkò sílẹ̀ yí ibi tó bu ká, rodo náà ti tán. Èyí tó farapa tàbí tó kàn hunjọ nítorí oòrùn kò ní wàhálà. Èyí tó bu tàbí tó ń yọ̀, odidi ni kó lọ. Rodo kan kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí ata bá gbówó lórí.

Ìbàjẹ́ kan wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn, tí kò sì yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn tó ń gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé lágbègbè Odigbo á ti rí i rí: ìsàlẹ̀ tòmátì, lódìkejì sí ìdí rẹ̀, á di dúdú pẹrẹsẹ, á gbẹ, á sì le bí awọ bàtà. Kò sí kòkòrò tó fà á. Kálísíọ́ọ̀mù ni kò dé ìsàlẹ̀ èso tó nígbà tó ń dàgbà, èyí sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi kò bá dọ́gba, bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì tún wá rọ̀ yàà lọ́jọ́ kan. Bí ojú dúdú náà bá gbẹ, tí nǹkan kan kò sì hù lórí rẹ̀, gígé rẹ̀ tó, ìyókù tòmátì náà sì dára. Bákan náà ni ojú funfun tí oòrùn jó lára ata, àti ìlà tó ti san, tó gbẹ tó sì di àpá lẹ́bàá ìdí tòmátì. Àgbẹ̀ tó bá mọ èyí kò ní ju ìdajì irè rẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ti ihò kòkòrò yàtọ̀ díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kékeré kan tí àwọn èèyàn sọ lórúkọ ní Ébólà tòmátì ba oko jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, tòmátì sì di góòlù jákèjádò gúúsù. Ìdin rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò kéékèèké sára èso. Ìdin náà kọ́ ló ń pa èèyàn lára. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni ewu. Bí ihò bá gbẹ, tí ara tó yí i ká sì le, kí wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò títí dé ibi tó mọ́. Bí omi dúdú bá ń jáde níbẹ̀, ìbàjẹ́ ti gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Máńgòrò ní tirẹ̀ fẹ́ sùúrù. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹfà tí ó máa ń pọ̀ lójú títì, awọ rẹ̀ lè kún fún àmì dúdú kéékèèké tó rí bí ẹni pé wọ́n ta ọ̀dà sí i. Àrùn olú kan ló ń fà á, tó ti bá a láti orí igi lásìkò òjò, tó sì ń sùn lábẹ́ awọ títí èso á fi pọ́n. Nígbà tí máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, àmì náà kì í kọjá awọ. Kí wọ́n bó o: bí ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó dúró, tó sì ń ta sánsán, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí àmì náà bá ti wọlé, tí ibẹ̀ sì ti di kòtò tó rọ̀, olú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara náà.

Èyí tó burú jù lára máńgòrò, ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrùka àwọ̀ ilẹ̀ á kọ́kọ́ yí ibi tí igi ti já kúrò ká, á máa sọ̀ kalẹ̀, ara á sì di olómi. Ọ̀nà tó ń gbà nínú kò hàn lóde: ó ń tẹ̀ lé okùn tó yí kóró ká, nítorí náà ó lè ti dé ìsàlẹ̀ kí awọ ìsàlẹ̀ ṣì máa dán. Kí ẹni tó bá rí òrùka yẹn fi ọ̀bẹ là á títí kan kóró. Bí okùn ibẹ̀ bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ọtí, kó jù ú nù lódindi. Bí okùn bá ṣì mọ́, kó gé ìdí náà dànù ní fífẹ̀ àtàǹpàkò, kó sì jẹ ìyókù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdin inú máńgòrò náà kò ṣàjèjì. Eṣinṣin èso ló ń fi ìdí gún awọ tó sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Oríṣi tó burú jù lára wọn ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní ọdún 2003, kò sì pẹ́ tó fi gba ìwọ̀-oòrùn kan. Ihò tó gún kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, oje díẹ̀ sì máa ń gbẹ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìdin á ti pa, á sì máa jẹ ara náà di omi. Jíjẹ ìdin kan ṣèèṣì kì í pa èèyàn, àmọ́ ibi tí ìdin bá ti rìn, bakitéríà ti tẹ̀ lé e. Bí ọ̀nà ìdin bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, gígé lè tó. Bó bá ti dé kóró, kò tó mọ́.

“Iná á pa á.” Gbólóhùn yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ tòmátì tí kò yẹ kó wọ ìkòkò wọlé. Òótọ́ ni pé híhó ń pa bakitéríà. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Wells àti Butterfield, gbé ìwádìí kan jáde lórí èso àti ewébẹ̀ tí wọ́n kó láti ọjà. Àmì sàmónẹ́là, bakitéríà tó ń fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po méjì lára èyí tó ń jẹrà ju lára èyí tó dá ṣáṣá lọ. Èyí já sí pé ibi tó ń yọ̀ kì í dá wá. Ó sábà máa ń gba àlejò. Ọbẹ̀ tó hó dáadáa á pa àlejò náà. Àmọ́ kò ní mú oró ohun tó bu kúrò, kò sì kan tòmátì tí wọ́n gé sínú sàláàdì tàbí ata tútù tí wọ́n gún mọ́ ẹja yíyan.

Ibi tó yẹ kí ojú ti là jù ni iwájú ẹ̀rọ ata. Lẹ́yìn tí tòmátì bá ti wọ ẹnu ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á di pupa kan náà. Ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ̀kan tó bu kúrò nínú ogójì mọ́. Kí ṣíṣà ti parí nílé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe lè rí nínú ilé kan. Ká ní obìnrin kan ra rọ́bà pẹ́ńtì kan lára àṣàkù lọ́jà Ore nírọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó dà á sórí ọ̀rá tó mọ́, kó má fi sílẹ̀ nínú rọ́bà, torí èyí tó ń ro omi lókè ń ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Kó kọ́kọ́ ṣa gbogbo èyí tó bu àti èyí tó ń yọ̀ jáde láìgé wọn, kó kó wọn sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kó sì fọ ọwọ́ kó tó padà sídìí ìyókù. Èyí tí òórùn rẹ̀ ti yí padà á tẹ̀ lé wọn.

Ohun tó kù á pín sí méjì. Apá kan ni èyí tó rọ̀ tí awọ rẹ̀ kò bẹ́. Apá kejì ni èyí tí awọ rẹ̀ là lọ́nà, tí ojú ibẹ̀ ṣì pupa, tí ó sì mọ́. Kó fi omi tó ń dà fọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má rẹ wọ́n sínú bàsíà. Nígbà tí tòmátì tó gbóná láti inú ọkọ̀ bá bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé láti ojú ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí èyíkéyìí tó wà nínú omi náà. Nítorí èyí ni àwọn tó ń fọ tòmátì ní ilé-iṣẹ́ ńlá fi máa ń jẹ́ kí omi wọn gbóná ju èso lọ ní nǹkan bíi ìwọ̀n márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ní ilé, omi tí kò tutù ju tòmátì lọ ti tó.

Ìgbà tó bá fọ̀ ọ́ tán ló tó gé e, láti apá tó dára wá sí apá tó farapa, kí ọ̀bẹ má baà fa ìbàjẹ́ wọ inú ara tó mọ́. Bó bá la tòmátì kan, tó rí i pé omi tó yí kóró ká ti dúdú tàbí pé ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan ń rìn nínú ara rẹ̀, kó má wulẹ̀ gé e mọ́, kó jù ú nù, kó sì fọ ọ̀bẹ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó mú òmíràn. Ní òpin rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta rọ́bà náà ti lọ. Kó wá fi iye tó san wé èyí tó kù lọ́wọ́. Ìgbà mìíràn wà tí rọ́bà àṣàkù wọ́n ju ti èyí tó le lọ, bí wọ́n bá fi ohun tó wọ ìkòkò ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun tó bá gé, kó sè lálẹ́ ọjọ́ náà. Tòmátì tí wọ́n ti gé kì í ṣe tòmátì odidi mọ́. Láti ọdún 2007 ni àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ àwọn oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sínú òtútù. Wákàtí méjì ni wọ́n gbà pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè lò níta, ẹyọ kan péré bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 32. Odidi tòmátì tó dára kò nílò fíríìjì. Òtútù tó bá pẹ́ á ba ara rẹ̀ jẹ́, olú dúdú sì máa ń tètè mú èyí tí òtútù ti pa.

Àwọn kan máa ń hó tòmátì àṣàkù gbẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sórí àjà di ìgbà tí owó bá gun òkè. Nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó bu kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá, bó ti wù kí wọ́n gé e tó. Kíkan tòmátì ló ń dáàbò bo ìgò yẹn. Ó ń dènà bakitéríà kan tó lè dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tó sì ń pèsè oró tó ń mú ara rọ, tó sì lè pa èèyàn. Àwọn olú kan máa ń jẹ kíkan náà, tòmátì á sì dínkù ní kíkan láìjẹ́ pé ahọ́n mọ̀. Àṣàkù tó farapa ni kí wọ́n rọ sínú ìgò, bí wọ́n bá máa rọ ọ́, kí wọ́n sì fi oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó lè kan dáadáa.

Àdínkù ìfarapa láti ojú ọ̀nà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí pípa irè oko mọ́, tó wà ní Ìlọrin, ti ń rọ àwọn oníṣòwò láti fi agbọ̀n ike tó ní ojú afẹ́fẹ́ rọ́pò apẹ̀rẹ̀ imọ̀. Agbọ̀n yìí lè gorí ara wọn kí ẹrù òkè má kan tòmátì ìsàlẹ̀, kò sì ní ẹnu tó ń gún ni. Ó wọ́n ju apẹ̀rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí òkè Ọya lófìfo kí wọ́n tó tún lò ó, èyí tó ń mú kí awakọ̀ lọ́ra. Títí ìgbà tí agbọ̀n ike á fi pọ̀ tó, abọ́ àṣàkù á ṣì wà nísàlẹ̀ tábìlì ní Ore, ìyá tó sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ yóò máa fi ìka rẹ̀ tẹ tòmátì lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó.